Kọ́mẹ́ǹtì tó gbóná lórí rípọ́ọ̀tù ẹlẹgbẹ́ yín: bí ẹ ṣe máa bomi sí i tí kò fi ní di omi lásán

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ní Kábà níbí àti láti Lọ́kọ́jà: "Mo ti tẹ kọ́mẹ́ǹtì sórí rípọ́ọ̀tù ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó le jù, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa tún un kọ tí kò fi ní dùn ún wọra, àmọ́ tó máa ṣì mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ò tíì dáa?" Àwọn kan tiẹ̀ ti fi ránṣẹ́ ná kí wọ́n tó wá bi mí. Ẹ̀yin yẹn, ẹ fò lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo ní nǹkan fún yín níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka rípọ́ọ̀tù. Àwọn tó ń lọ sí abúlé ló ń kọ ọ́, èmi ni mo máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú lónìí, kì í ṣe gbogbo oríṣi ìbáwí: ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ìbínú tẹ̀ tán, tó ṣì wà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀.

## Rípọ́ọ̀tù tá a máa fi ṣàpẹẹrẹ

Ẹ̀gbọ́n kan ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ yẹ kànga ẹlẹ́rọ wò ní àwọn abúlé Búnú, àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà yẹn. Ó fi ọdún 7 jù mí lọ, àmọ́ nínú ọ́fíìsì èmi ni mo ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹ sì mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Rípọ́ọ̀tù náà jẹ́ ojú ìwé 9, ó sì ní wàhálà mẹ́ta.

Ojú ìwé 1 ní kànga 34 ni iṣẹ́ náà kàn. Tébù ojú ìwé 3 ní 19 ń ṣiṣẹ́, 11 ti bà jẹ́, ìyẹn jẹ́ 30. Nígbà tó dé ojú ìwé 6, àwọn tó bà jẹ́ ti di 12. Ojú ìwé 8 wá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun 12, láìsọ ohun tó ṣe ẹyọ kan nínú àwọn tó bà jẹ́ yẹn.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo kà á, kò sí iná, bátìrì kọ̀ǹpútà ń kú lọ, ohun tí mo sì tẹ̀ nìyí:

> Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ tiẹ̀ ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí? Ibì kan 34, ibì kan 30, 11 di 12, kò sí èyí tó bára mu rárá. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe báyìí. Ọmọ píráímárì mọ bí wọ́n ṣe ń ro 19 mọ́ 11. Ẹ tún wá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun 12, owó ta ni? Tó bá wù yín ẹ tún un ṣe, tí kò bá wù yín ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ báyìí, ká tún un tò.

## Bí ẹ ṣe máa ṣe é, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ náà kúrò níbi tí ìka lè ti ṣèèṣì fi í ránṣẹ́.

Ẹ gé e, ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí, ì báà jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan ọjà sí lórí fóònù. Má fi í sílẹ̀ nínú àpótí wáásáàpù onítọ̀hún. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé àwọn á kàn pa á rẹ́ tó bá bọ́ lọ, àmọ́ "This message was deleted" máa wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí i láago mẹ́wàá alẹ́ látọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ò ní sùn dáadáa. Tó bá jẹ́ Google Docs ni fáìlì wà, bẹ́ ẹ bá ti tẹ Comment báyìí, onífáìlì lè rí i lójú ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ lè gba ímeèlì lórí ẹ̀, torí náà ẹ má kọ àkọ́kọ́ yín síbẹ̀.

2. Ẹ wá òkodoro inú ẹ̀, kí ẹ sì pa ìyókù tì.

Ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi ara yín: tí onítọ̀hún bá ka èyí, ṣé ohun kan wà tó máa lọ tún ṣe? Èmi kà tèmi, gbólóhùn 6 ni mo kọ, 2 péré ló ní nǹkan nínú: èyí tó sọ iye tí kò bára mu, àti èyí tó sọ ti kànga tuntun. Mẹ́rin yòókù, ìbínú mi ni. Ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn 2 tó ní nǹkan nínú gan-an ò sọ ọ́ kó yéni, èmi tí mo ń pariwo pé rípọ́ọ̀tù ẹni kan ò yéni, mi ò kọ ojú ìwé kankan sí i.

Torí náà ẹ kọ òkodoro náà lọ́tọ̀, nǹkan mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan: ibo ló wà, kí ló ṣe é, kí ló máa bà jẹ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Tèmi wá rí báyìí:

- Ojú ìwé 1 ní 34, tébù ojú ìwé 3 ní 30. Kànga 4 ò sí níbì kankan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa bi wá nìyẹn.
- Ojú ìwé 3 ní 11 ló bà jẹ́, ojú ìwé 6 ní 12. Èwo ni ká mú?
- Ojú ìwé 8 ní ká gbẹ́ tuntun 12, àmọ́ a ò mọ ohun tó ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀. Kànga tí róbà inú sìlíńdà rẹ̀ ti jẹ tán tàbí tí ṣéènì orí rẹ̀ já, wọ́n lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí omi ti gbẹ nísàlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tá ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a máa náwó kànga tuntun sórí ọ̀rọ̀ róbà.

Ẹ rí i pé kò sí èébú kankan níbẹ̀, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú níbí nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa ń yọ ìbínú kúrò tí àríwísí náà á sì mọ́ sí i, nítorí ìbínú ló bò ó mọ́lẹ̀.

3. Ẹ ṣọdẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ta bí agbọ́n.

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó ń dunni jù lórí iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ èébú gangan, ìbéèrè tí kì í ṣe ìbéèrè ni. "Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ohun tẹ́ ẹ kọ?" "Kí lẹ ń rò nígbà tẹ́ ẹ kọ èyí?" "Owó ta ni?" Ẹni tó béèrè kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ẹni tí wọ́n bi náà sì mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó da epo nù wí ni, wọn ò fẹ́ mọ bó ṣe dà á. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀: tí onítọ̀hún bá dáhùn ní tòótọ́, tó ní "bẹ́ẹ̀ ni, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì", ṣé inú tún máa bí yín? Tó bá máa bí yín, kì í ṣe ìbéèrè, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ tún wo "tiẹ̀" yẹn fúnra rẹ̀. Sílébù méjì péré. "Ṣé ẹ ka ojú ìwé 6?" jẹ́ ìbéèrè, "Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ojú ìwé 6?" ti di ìgbátí. "Wá" máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: "Ẹ tún wá ní kí wọ́n gbẹ́ 12." Mo máa ń fi ojú wá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí lọ́tọ̀ kí n tó fi nǹkan ránṣẹ́, torí ìka máa ń tẹ̀ wọ́n láìrò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni "gbogbo ìgbà", "rárá" àti "kò sí èyí tó". Wọn kì í jẹ́ òótọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n yìí ti kọ rípọ́ọ̀tù tó dáa rí, mo mọ̀, òun náà mọ̀, tó bá ti rí "gbogbo ìgbà" ìyẹn ló máa dì mú, ọ̀rọ̀ kànga á sì fò lọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí rípọ́ọ̀tù oṣù kẹta. Èyí tó kù ni ìfiwéra: ọmọ píráímárì, "ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàápàá ṣe é dáadáa". Kò sí bí wọ́n ṣe ń rọ ìyẹn. Ẹ kàn yọ ọ́.

4. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé jẹ́ ẹlẹ́jọ́, kí ẹni náà jókòó.

Ẹ wo ẹni tó wà níwájú gbólóhùn. "Ẹ ò sọ ohun tó bà wọ́n jẹ́" fi ẹ̀sùn kan èèyàn. "Ojú ìwé 8 ò tíì sọ ohun tó bà wọ́n jẹ́" fi ẹ̀sùn kan ìwé. Òótọ́ kan náà ni, kò dín. "Tíì" tó wà níbẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ ńlá, ó ń sọ pé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́, pé a ò tíì ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyí o. Ní 1996 àwọn méjì kan, Kluger àti DeNisi, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tí kọ́mẹ́ǹtì ń ṣe fún iṣẹ́ ẹni. Nínú iye tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, iṣẹ́ náà burú sí i lẹ́yìn tí wọ́n gba kọ́mẹ́ǹtì. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kúrò lórí iṣẹ́ tó ń lọ sórí ẹni tó ṣe é, agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó ń ro ara rẹ̀ kò ráyè ro kànga.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí. Àwọn kan máa ń sá fún "ẹ" débi tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ "a ti ṣe àṣìṣe kan lójú ìwé 3". Ta ni "a"? Ẹ ò sí níbẹ̀. Onítọ̀hún á rò pé ẹ máa bá òun tún un ṣe, ó máa dúró dè yín, ẹ̀yin náà ń dúró dè é. Ibi tó bá jẹ́ pé òun ló máa ṣe nǹkan, ẹ sọ pé "ẹ": "ẹ bá mi fi òpó kan kún tébù náà". Ìwé ló ń jẹ́jọ́, èèyàn ló ń tún un ṣe.

5. Ibi tí ẹ bá fura, ẹ béèrè, kí ìbéèrè náà sì jẹ́ ojúlówó.

Kànga 4 tí kò sí níbì kankan yẹn, mo fura. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé kò débẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ mi ò mọ̀. Ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ fura sí sórí ìwé. "Ó dà bíi pé ẹ ò dé ibẹ̀" jẹ́ ẹ̀sùn irọ́, bẹ́ ẹ bá sì ti pe àgbà ní onírọ́ lórí ìwé, kò sí àtúnṣe tó kù nínú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, ẹjọ́ ló kù. Mo kọ ọ́ báyìí: "Mo rí 30 nínú tébù. 4 tó kù ńkọ́, ṣé ìdí kan wà tí wọn ò fi wọlé?" Ìbéèrè yìí gba ìdáhùn mẹ́ta ó kéré tán: ó gbàgbé láti kọ wọ́n, wọn ò jẹ́ kó wọ ibẹ̀, tàbí kò lọ. Kò fi ìkankan lé e lórí, kò sì jẹ́ kó lè dákẹ́.

6. Tẹ́ ẹ bá máa yìn ín, kó jẹ́ òótọ́, kó sì dá dúró.

Gbogbo wa la mọ ìyìn tí wọ́n fi ń di ọwọ́ èèyàn mú kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. "Iṣẹ́ yín dáa gan-an, àmọ́..." Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjì kì í gbọ́ ohun tó ṣíwájú "àmọ́" mọ́.

Ẹ wá ohun kan tó dáa lóòótọ́, kí ẹ sọ ibi tó wà. Èmi kọ́kọ́ rò pé kò sí, mo padà sídìí rípọ́ọ̀tù náà, mo wá rí i pé abúlé kọ̀ọ̀kan ló kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́jú kànga ibẹ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ìyẹn ni mo kọ, mo fi àmì ìdánudúró parí ẹ̀, mi ò fi "àmọ́" so ó mọ́ nǹkan kan. Tí ẹ ò bá rí ohun kankan, ẹ má parọ́ kan, ẹ kàn kí i kú iṣẹ́ kí ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́" kì í ṣe ìyìn, ẹ̀tọ́ ẹni tó gun ọ̀kadà wọ Búnú ni.

7. Ìdájọ́ ní òkè, ọjọ́ ní ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò jù nìyí, torí ó dà bíi pé kò rọ̀. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ ibi tí iṣẹ́ náà dúró: kò tíì lè lọ. Ẹ má fi sí ìpínrọ̀ kẹrin. Ẹni tó ka ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tutù tó wá ṣubú lu "kò lè lọ" máa rò pé ẹ ń tàn án jẹ látòkè wá.

Ẹ wá ya ohun tó pọn dandan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn wù yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i, "ó pọn dandan" àti "tí àyè bá wà". Nínú rípọ́ọ̀tù yìí mo ní kọ́mẹ́ǹtì bíi 14 tí mo lè kọ, sípẹ́lì, fọ́tò tó ṣókùnkùn, tébù tí ìlà rẹ̀ wọ́. Mẹ́ta ló pọn dandan. Mo kọ mẹ́ta, mo fi ẹyọ kan kún un tí àyè bá wà, mo gbé ìyókù mì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó padà dé ọ̀dọ̀ yín.

8. Ẹ kà á sókè, ní ohùn ẹni tó bínú.

Ẹ má fi ohùn jẹ́jẹ́ tiyín kà á, ohùn yín máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ kà á bíi pé ọ̀gá tẹ́ ò fẹ́ràn ló ń sọ ọ́ fún yín. Ibi tó bá gún yín, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ ka ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan: ṣé ẹni tó bá ka ìyẹn péré máa mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ fún òun láti ṣe? Tí kò bá ní mọ̀, ẹ ti rọ̀ ọ́ jù.

## Bó ṣe rí nígbà tí mo tún un kọ tán

> Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà Búnú. Mo ti ka rípọ́ọ̀tù kànga tán. Kò tíì lè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, nǹkan mẹ́ta ló pọn dandan ká tún ṣe kó tó lọ.
>
> 1. Ojú ìwé 1 ní kànga 34, tébù ojú ìwé 3 ní 30. 4 tó kù ńkọ́, ṣé ìdí kan wà tí wọn ò fi wọlé? Ẹ jẹ́ ká kọ ìdí náà síbẹ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́.
> 2. Ojú ìwé 3 ní 11 ló bà jẹ́, ojú ìwé 6 ní 12. Ẹ bá mi wo ìwé tẹ́ ẹ fi kọ nǹkan nínú oko, èwo ló tọ̀nà?
> 3. Ojú ìwé 8 ò tíì sọ ohun tó ba kànga kọ̀ọ̀kan jẹ́, ọ̀gá ò sì ní fọwọ́ sí tuntun 12 láìmọ èyí tó ṣeé tún ṣe. Ẹ fi òpó kan kún tébù: róbà tàbí ṣéènì, ọ̀pá tàbí páìpù, omi gbígbẹ.
>
> Tí àyè bá wà: fọ́tò ojú ìwé 5 ṣókùnkùn, tí òmíràn bá wà lórí fóònù yín ẹ fi rọ́pò ẹ̀.
>
> Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó ń tọ́jú kànga tẹ́ ẹ kọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan wúlò fún wa gan-an. Tẹ́ ẹ bá lè fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo máa gbé e wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo mọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, òkodoro ń gba àyè ju èébú lọ.

Ẹ̀gbọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kànga 4 yẹn, òjò ti gbé afárá onípákó kan lọ, ọ̀kadà ò lè kọjá, òun ò sì mọ ibi tóun lè kọ ọ́ sí torí fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún "mi ò débẹ̀". Ti 11 àti 12, kànga kan ni ó máa ń fún wọn lómi lásìkò òjò tó sì máa gbẹ nígbà ọyẹ́, tébù kà á mọ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ojú ìwé 6 kà á mọ́ èyí tó bà jẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò, fọ́ọ̀mù wa ló ní àyè méjì fún nǹkan mẹ́ta, èmi sì wà lára àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn.

Nígbà tó tún un ṣe: 18 ń ṣiṣẹ́, 11 bà jẹ́, 1 ń gbẹ lásìkò, 4 ò ṣeé dé. Nínú 11 náà, 7 jẹ́ ọ̀rọ̀ róbà àti ṣéènì, 3 jẹ́ ọ̀pá tàbí páìpù, ẹyọ 1 péré lomi ti gbẹ. Tuntun 12 di tuntun 1. Ká ní mo fi ti aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn ránṣẹ́, ó máa tún 34 ṣe sí 30, á sì dákẹ́.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kí ó rọ̀ débi tí kò fi ní egungun. "Ẹ kú iṣẹ́ o Bọ̀ọ̀dá, ó dáa gan-an, ẹ kàn tún fojú wo nọ́ńbà ibì kan tàbí méjì tẹ́ ẹ bá ráyè." Mo ti kọ irú ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, onítọ̀hún ò ṣe nǹkan kan, inú bí mi, mo wá fi gbogbo ohun tí mo pamọ́ tẹ́lẹ̀ bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà níwájú èèyàn. "Kàn", "díẹ̀", "tẹ́ ẹ bá ráyè", ẹ má fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú gbólóhùn tó pọn dandan.

Òwe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òwe ń rọ ọ̀rọ̀, ó ń rọ̀ ọ́ lẹ́nu àgbà tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Lórí rípọ́ọ̀tù, látọ̀dọ̀ àbúrò sí ẹ̀gbọ́n, àbùkù ni, ẹni náà á máa rò ó fún oṣù kan pé ta lẹ ń pòwe mọ́.

Kí "ẹ" di "o" láàárín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́", ìbínú gbé yín dé ìlà kẹrin, ó di "o ò kọ ọ́ síbẹ̀". Ó lè jẹ́ ìka ló yọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Kí gbogbo ojú ìwé pọ́n. Tẹ́ ẹ bá tan Track Changes tẹ́ ẹ wá ń tún gbólóhùn ẹni kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tútù tó lè bo ohun tí ojú rẹ̀ máa rí nígbà tó bá ṣí fáìlì náà. Ohun tó bá pọn dandan, ẹ fi kọ́mẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kóun fúnra rẹ̀ tún un kọ. Sípẹ́lì, ẹ lè sọ ọ́ ní ìlà kan pé "ẹ ṣe sípẹ́lì láti òkè dé ìsàlẹ̀", ó tó.

Kí ọ̀gá wà nínú ímeèlì náà. Àkọ́kọ́ kì í kan ọ̀gá. Ẹ fi í kún un nìkan tí ọjọ́ tẹ́ ẹ dá bá ti kọjá, kẹ́ ẹ sì sọ fún onítọ̀hún kẹ́ ẹ tó fi í kún un.

Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù. Àti pé nílẹ̀ Kogí tí Ígálà, Ẹ̀bìrà àti àwa Òkun jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, kọ́mẹ́ǹtì tẹ́ ẹ fi Yorùbá kọ sínú gúrúùpù máa dà bíi pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ fi í sí ọ̀dọ̀ onítọ̀hún nìkan.

## Ibi tí kọ́mẹ́ǹtì kíkọ ò ti tó

Tí àṣìṣe kan náà bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má kọ ìkẹrin. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ ṣí fáìlì náà papọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi bó ṣe ń ro tébù rẹ̀ hàn yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí fọ́ọ̀mù tí kò dáa bíi tiwa.

Tí ẹni náà bá jù yín lọ gan-an, tó sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọdé bá òun sọ̀rọ̀ sórí ìwé, ẹ pè é kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́: "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín lórí rípọ́ọ̀tù yẹn, kẹ́ ẹ má bàa rí i lójijì." Ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ má jẹ́ kí ìpè náà rọ́pò kọ́mẹ́ǹtì o, ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ kò ní jẹ́ títún ṣe.

Tó bá sì jẹ́ irọ́ gidi ni, tí ẹ ti rí i dájú pé wọ́n kọ ibi tí wọn ò dé bíi pé wọ́n dé ibẹ̀, rírọ̀ ti parí. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí láìfi ọ̀rọ̀ gbígbóná kún un, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

## Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ

- Ṣé ìlà méjì àkọ́kọ́ sọ ibi tí iṣẹ́ náà dúró?
- Ṣé àwọn tó pọn dandan ò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ojú ìwé wọn sì wà níbẹ̀?
- Ṣé "tiẹ̀", "gbogbo ìgbà" àti "rárá" ti kúrò?
- Ṣé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀?
- Ṣé ọjọ́ wà nísàlẹ̀?

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi í ránṣẹ́

Ẹ má ṣàlàyé. "Ó rẹ̀ mí ni", "kò sí iná", onítọ̀hún náà ò ní iná. Ẹ tọrọ àforíjì fún bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ má tọrọ rẹ̀ fún ohun tẹ́ ẹ sọ, nítorí tẹ́ ẹ bá ní "ẹ má bínú, ẹ gbàgbé ẹ̀" àṣìṣe inú rípọ́ọ̀tù á wà níbẹ̀ títí. Kó jẹ́ ìlà mẹ́ta, kó sì dé kí ọjọ́ kejì tó parí:

> Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ alẹ́ àná, kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn nǹkan mẹ́ta tó nílò àtúnṣe ṣì wà, mo ti tún wọn kọ dáadáa sísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi ti àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí ni kẹ́ ẹ bá mi lò.

Lẹ́yìn náà ẹ lẹ òkodoro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Tó bá dáhùn pẹ̀lú "Ok" péré, ẹ má bi í bóyá inú ṣì ń bí i, ẹ dúró de ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.